Fìlà ₦3,500, ọ̀kadà ₦3,500: bí mo ṣe mọ ibi tó yẹ kí n ti máa tajà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìjẹ̀dẹ̀ pè mí, ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí òun lọ gba ìsọ̀ nínú àwọn ọjà ńlá orí fóònù yẹn ni àbí kí òun kúkú ní kí wọ́n ṣe wẹ́bùsáìtì fún òun. Mo bi í pé èló ni ẹyọ kan, ẹyọ mélòó lẹnì kan máa ń rà lẹ́ẹ̀kan, èló ni wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Ó ní "Àǹtí, ìbéèrè kan ni mo bi yín, ẹ ti dá mẹ́ta padà fún mi." Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ ká ní ẹnì kan ti bi èmi náà ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ ni, owó tí mo fi gbọ́n ì bá wà lọ́wọ́ mi.

Aṣọ ni mò ń rán ní Sábọ̀, Ìkòròdú. Ẹ mọ̀ bí iṣẹ́ télọ̀ ṣe máa ń rí, December ẹ ò ní ráyè sùn, January ẹ máa jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. January kan báyìí ni mo kó àjẹkù sàtíìnì tó wà nílẹ̀ jọ, mo fi rán bọ́nẹ́ẹ̀tì, fìlà àfisùn táwọn obìnrin fi ń bo irun lálẹ́ yẹn. Mo rán an ní ìpele méjì, dúdú nínú, àwọ̀ mìíràn lóde, téèyàn lè yí padà. Àwọn ará àdúgbò rà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àbúrò mi ọkùnrin wá ní kí n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí ló dé tí màá fi máa ta á fún ìyá ìbejì nìkan.

Ọjà ńlá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí mi ò wá ba ẹnikẹ́ni jà níbí. Ṣíṣí ìsọ̀ náà ò ná mi ní kọ́bọ̀, nọ́ńbà fóònù, àkáǹtì báńkì, káàdì ìdánimọ̀, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ọjà lórí nǹkan funfun, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun sílẹ̀ lójú fèrèsé mo fi fóònù yà á, ó parí. Ọjọ́ kẹfà lẹnì kan ní Ìbàdàn ra ẹyọ kan. Ẹ gbọ́, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò mọ̀ mí rí, tí mi ò polówó fún! Ohun tí ọjà ńlá ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, èrò ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ń tẹ "bonnet" sínú àpótí ìwákiri kí ẹ tó débẹ̀. Kò sí wẹ́bùsáìtì tuntun tó lè ṣe ìyẹn fún yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni ìṣírò. Fìlà kan, ₦3,500 ni mò ń tà á. Yáàdì sàtíìnì kan ló ń lọ sí ẹyọ kan tó jẹ́ ìpele méjì, ₦1,200 nígbà yẹn ní Balógun (mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ sí Erékùṣù láàárọ̀, kí n má bàa jókòó sí Máìlì 12 títí oòrùn á fi mú). Rọ́bà ₦150, òwú àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń dì í ₦150, owó ọmọ iṣẹ́ tó ń rán an ₦400. Gbogbo rẹ̀ ₦1,900. Mo wá ní lọ́kàn ara mi pé èrè ₦1,600 lórí fìlà kan, ẹ jọ̀ọ́ ta ló tún ń rán búláòsì!

Ọjọ́ tí wọ́n sanwó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó nípọn ni ojú mi là. Kọ́mísọ̀n wọn lórí irú ọjà tèmi, ₦15 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan ni. Kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo ọjà o, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kí ẹ tó gbé ọjà síbẹ̀ ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó máa ń wà, ó kàn máa ń fara pamọ́ ni. ₦525 lọ nìyẹn. Wọ́n tún yọ ₦250 fún owó ìfiránṣẹ́ tó kàn mí. Èrè mi di ₦825. Mo ní kò burú, ₦825 náà owó ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdápadà. Nínú fìlà mẹ́wàá tí mo fi ránṣẹ́, méjì padà wá. Ọ̀kan, ẹni tó rà á ò gbé fóònù nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, torí ẹ̀yìn tí ọjà bá dé ló fẹ́ sanwó, kò sì tíì ná nǹkan kan, kí ló kàn án. Èkejì padà wá pẹ̀lú ìpara irun lára. Mo gbé e símú, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ó ti fi sùn! Ó kọ ìdí tó fi dá a padà síbẹ̀ pé "ó kéré jù". Mi ò lè tà á fún ẹlòmíì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Mẹ́jọ tó dúró, ₦825 lọ́nà mẹ́jọ, ₦6,600. Èyí tó padà wá ní mímọ́, ₦250 ìfiránṣẹ́ ti lọ. Èyí tó ní ìpara, ₦250 àti ₦1,900 tí mo fi rán an, gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Ẹ yọ ₦2,400 kúrò nínú ₦6,600, ó ku ₦4,200 lórí fìlà mẹ́wàá. ₦420 lórí ẹyọ kan, èmi tí mo ti ń ka ₦1,600. Ọmọ tó ń rán an gba ₦400. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń gba owó kan náà nìyẹn, èmi ni mo tún ń san owó iná.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ẹjọ́ ìdápadà yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi ìdajì ẹ̀. Ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò ni "ó gba gbogbo orí". Orí wo? Ẹni tó gẹ irun mọ́lẹ̀ àti ẹni tó di bíréèdì gígùn dé ìdí, ṣé orí kan náà ni wọ́n ní? Mo tẹ́ fìlà náà sílẹ̀, mo na téèpù lé e lórí, ó jẹ́ ínṣì 24 láti etí dé etí, mo ya fọ́tò téèpù náà lórí ẹ̀, mo sì kọ ọ́ gbangba pé irun lásán àti bíréèdì tó dé èjìká ló wà fún. Mo wá rán ńlá kan fún àwọn oníbíréèdì gígùn. Láti ìgbà yẹn, "ó kéré jù" fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ti àwọn tí kì í gbé fóònù ṣì wà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Ohun méjì ló wá mú kí n bínú kúrò níbẹ̀, tàbí kí n rò pé mo ti kúrò. Àkọ́kọ́, ẹnì kan jí fọ́tò mi, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì mi gan-an ni, ó ń ta fìlà tiẹ̀ ní ₦2,900, tèmi sì wà nísàlẹ̀ tiẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ Orò. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kéde Orò, obìnrin ò gbọdọ̀ jáde. Ọ́dà mẹ́rin wọlé lálẹ́ tó ṣáájú, àdéhùn tí mo fọwọ́ sí sì ni pé ẹrù gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù láàárín ọjọ́ kan. Àbúrò mi tó jẹ́ ọkùnrin ò sí nílé. Mo wo ẹrù mẹ́rin náà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fagi lé méjì, wọ́n sì já máàkì ìsọ̀ mi wálẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo ṣàlàyé Orò fún wọn, ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n "jọ̀wọ́ tún ètò mi ṣe". Ètò Orò ni kí n lọ tún ṣe? Mo pa fóònù dé. (Nísinsìnyí, mo ti mọ̀ pé bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń ti ìsọ̀ pa fún ìgbà díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Orò ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn.)

Inú bíbí yẹn ni mo gbé lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì. ₦120,000. Mo san án. Ẹ wo bó ṣe rẹwà tó, orúkọ mi gàgàrà lókè, àwọ̀ pọ́pù, fọ́tò tó ń yí fúnra ẹ̀. Mo fi han gbogbo ẹ̀gbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ní "ẹ kú oríire o". Ọ̀sẹ̀ méje, ọ́dà kan péré ló wọlé, ọ̀rẹ́ àbúrò mi ló sì ṣe é, mo rò pé ó ṣàánú mi ni.

Wẹ́bùsáìtì kì í pe èrò, ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ nìyẹn. Ó dà bí ẹni kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú igbó lẹ́yìn Ìmọ̀tà, ó lè jẹ́ gíláàsì pátá, ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá? Àwọn tó ń tẹ "bonnet" sórí Gúgù, àwọn ọjà ńlá ló ń jáde sí wọn lójú, kì í ṣe èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ni mo bá fi ₦20,000 polówó lórí Ínsítágíràmù. Èrò wá lóòótọ́ o. Mo ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń wo fọ́tò, wọ́n ń fi sínú agbọ̀n. Ọjọ́ kẹrin, mo ṣí ẹ̀yìn sáìtì náà, mo rí ọ́dà mẹ́tàlá. Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó. Òun ló ka ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wọn, "Àǹtí, kí ló ń jẹ́ Pending payment?" Méjìlá nínú wọn ló ní ọ̀rọ̀ yẹn níwájú. Wọ́n ti kọ orúkọ, wọ́n ti kọ àdírẹ́sì, wọ́n dé ibi ìsanwó, wọ́n yẹ̀yìn. Ẹyọ kan ló sanwó. ₦20,000 ìpolówó lórí fìlà ₦3,500 kan.

Ohun tí mo wá ṣe yìí ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wẹ́bùsáìtì yẹn títí dòní, torí kò ṣeé ṣe ní ọjà ńlá. Nọ́ńbà fóònù àwọn méjìlá náà wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjà ńlá, ẹ ò ní rí nọ́ńbà oníbàárà, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi káàdì yín sínú ẹrù, oníbàárà tiwọn ni. Mo jókòó, mo ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mo ní ẹ má bínú, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ lánàá, mi ò pè láti fipá tajà, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó dá yín dúró ni. Àwọn méje ló dá mi lóhùn. Obìnrin kan tó ń gbé ní Ajá ló sọ ọ́ yé mi jù, ó ní "Sistà, fìlà ₦3,500 ni mo fẹ́ rà, ẹ tún ní kí n san ₦3,500 fún ọ̀kadà tó máa gbé e wá. Ṣé fìlà náà ló ń wọ ọ̀kadà ni àbí èmi?" Àwọn mẹ́rin míì sọ ohun tó jọ ọ́. Ẹnì kan ní káàdì òun ò ṣiṣẹ́, ẹnì kan ní òun kàn ń wò ó ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà sáìtì, kì í ṣe iye fìlà. Láti Ìkòròdú dé Lẹ́kkí tàbí Ajá, oní dísípáàṣì kan tó gbé ẹrù yín nìkan, owó epo, ìdúró lójú ọ̀nà, bíríìjì, kò lè gba ₦800 lọ́wọ́ yín láéláé. Ọjà ńlá lè gbé e lówó pọ́ọ́kú torí pé fìlà mi, bàtà ẹlòmíì àti ìkòkò ẹlòmíì ni wọ́n jọ kó sínú ọkọ̀ kan, wọ́n pín owó ọkọ̀ náà sórí ẹrù tó wà nínú ẹ̀. Kọ́mísọ̀n ₦525 tí mò ń bínú sí yẹn, apá kan lára ohun tí mò ń rà nìyẹn, mi ò kàn mọ̀ ni. Fìlà ẹyọ kan ò lè dá gbé owó ọ̀kadà. Bí owó ìfiránṣẹ́ bá ti ń sún mọ́ owó ọjà, oníbàárà á yẹ̀yìn ni, ẹ má bá a jà, èmi náà á yẹ̀yìn.

Kí ló wá lè dá gbé e? Mo ronú títí, mo di mẹ́rin pọ̀. Àwọ̀ mẹ́rin, ₦13,000, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ, màmá ẹ, ọmọ ẹ, ọ̀kan fún àlejò. Owó ọ̀kadà ṣì jẹ́ ₦3,500, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦13,000, kò dunni tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo ìṣírò tiẹ̀. Owó tí mo fi rán mẹ́rin, ₦7,600. Paystack ni mo fi ń gbowó, ohun tí wọ́n ń yọ lórí owó tó wá láti Nàìjíríà ni 1.5% pẹ̀lú ₦100 (bí owó náà ò bá tó ₦2,500 wọn kì í gba ₦100 yẹn, kò sì lè kọjá ₦2,000 láé). Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń sá fún ojú, orí gbogbo owó tó bá kọjá ni wọ́n ti ń yọ ọ́, pẹ̀lú owó ọ̀kadà tí kì í ṣe tiyín. ₦13,000 àti ₦3,500 jẹ́ ₦16,500, ohun tí wọ́n yọ jẹ́ ₦347 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ẹ kà á mọ́ ọn. Ó ku bíi ₦5,050 fún mi lórí ọ́dà kan. Kí n tó rí ₦5,050 ní ọjà ńlá, ó di fìlà méjìlá, pẹ̀lú gbogbo wàhálà ìdápadà wọn.

Mo tún pe obìnrin Ajá yẹn, mo ní mo ti ní ti mẹ́rin. Ó rà á. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó rà á lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ẹ̀, mi ò sì ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó èyí. Ọ́dà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí gan-an ló ń san owó ìpolówó ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣírò ọ́dà àkọ́kọ́ nìkan á ní ìpolówó ń jẹ òun run.

Ohun míì tí mo rí nígbà yẹn rèé, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ìbàdàn sún mọ́ mi ju Lẹ́kkí lọ! Kì í ṣe lójú ọ̀nà o, lówó. Ẹrù tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, mo lè gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì bíi wéèbìlì, oníbàárà á lọ gbà á ní gáréèjì tiwọn, ₦1,500 ni mo máa ń san nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣètò sórí sáìtì, iye kan náà fún gbogbo Nàìjíríà ni, torí náà mò ń lé àwọn ará Ìbàdàn sá pẹ̀lú owó ọ̀kadà Lẹ́kkí. Mo ní kó ya wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀nà mẹ́rin, Ìkòròdú níbí, Mainland, Erékùṣù dé Ajá, àti wéèbìlì. Nínú Ìkòròdú, mo ní kí wọ́n wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Tuesday àti Friday nìkan ni dísípáàṣì ń jáde fún mi, tó bá rí ẹrù mẹ́ta sí apá ibì kan, ó máa ń dín owó fún mi, mo sì máa ń dín in fún wọn.

Kí ẹ má bàa rò pé wẹ́bùsáìtì wá di ọ̀run, ẹ gbọ́ èyí. Bó ṣe pé ọdún kan, àárọ̀ ọjọ́ kan, sáìtì mi ò ṣí mọ́. Orúkọ rẹ̀, dómáìnì yẹn, ti kú, wọn ò sanwó ọdún kejì. Mo pe ọmọkùnrin tó ṣe é, fóònù ẹ̀ ò lọ. Mo lọ sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ra orúkọ náà, wọ́n ní ta ni ẹ, imeèlì tó wà lórí orúkọ yìí kì í ṣe tìẹ. Imeèlì tiẹ̀ ló fi rà á. Orúkọ ara mi, ẹlòmíì ló ni ín lójú ìwé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá a kiri, àbúrò mi ló rí i níbi ìgbéyàwó kan ní Ògólóǹtó, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ó ti pààrọ̀ síìmù ni. Kò jẹ́ èèyàn burúkú, ó kàn ń ṣe é bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tí ẹ bá san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó tì í kó fi imeèlì yín ra orúkọ náà, kí ẹ fi káàdì yín san án, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í pẹ̀lú pé èló ni ọdún kejì, torí iye ọdún àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ẹ̀dínwó. Tèmi, orúkọ àti ibi tí sáìtì ń gbé, ₦48,000 lọ́dún ni. Ìyẹn ₦4,000 lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè ọ́dà mẹ́rin-mẹ́rin kan. Bí mi ò bá ta ju ọ̀kan lọ lóṣù, mò ń ṣiṣẹ́ fún sáìtì ni.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, mi ò ní fọwọ́ kan ₦120,000 yẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń rà á lórí sáìtì mi, Wásáàpù ni wọ́n ti rí i, wọ́n rí i lórí sítátọ́ọ̀sì mi, wọ́n bi mí, mo fi líńkì ránṣẹ́. Ibi ìsanwó lásán ni sáìtì náà jẹ́ fún wọn, kí n má bàa máa dáhùn "èló ni" láago méjìlá òru. Ojú ìwé ìsanwó kan tí Paystack ń jẹ́ kéèyàn ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ ì bá ti tó mi ṣe ìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Mo padà sí ọjà ńlá náà, bẹ́ẹ̀ ni o, inú ti rọ̀. Ẹyọ kan péré ni mo fi síbẹ̀, dúdú àti dúdú, ínṣì 24, owó rẹ̀ ti di ₦3,900 torí mo ti mọ ohun tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá jí fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n máa jí i. Mẹ́rin-mẹ́rin, àwọ̀ aláràbarà, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó pẹ̀lú orúkọ lára, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ kan tó sì ń gbé ní Lẹ́kkí, mo máa ń sọ fún un fúnra mi pé kó lọ rà á ní ọjà ńlá, ó máa dín fún un. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé orí mi ti dàrú nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ̀ o. Mo ya fọ́tò ojú ìwé tí mo fi ṣírò ìwọ̀nyí nínú ìwé éksásàìsì mi, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́ bíi wákàtí kan, ó wá pè. "Àǹtí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ₦2,000, ọ̀kadà láti Ìjẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìyànà-Ìpájà, wọ́n ní ₦4,000." Mo ní ẹyọ mélòó lẹnì kan máa ń rà? Ó ní mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún, torí wọ́n máa ń fẹ́ kó pọ̀ ní ìdí. Mo ní ó dáa, wá ṣírò ti márùn-ún fún mi.